Ẹ Má Fi Fọ́tò Ewé Dá Ọjọ́ Tí Wọn Yóò Hú Ẹ̀pà

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ kan wà tí a fẹ́ sọ kí àsìkò ẹ̀pà tó wọlé dé. Ó ti di àṣà báyìí ní agbègbè Ìlá-Ọ̀ràngún, Òkè-Ìlá, Ọ̀rà àti gbogbo Ọ̀ṣun Ìgbómìnà, pé bí ewé ẹ̀pà bá ti ń pọ́n lóko, ẹnì kan nílé á fi fóònù ya fọ́tò oko náà, á fi ránṣẹ́ lórí Wátsáàpù sí ọmọ tó wà ní Ilé-Ifẹ̀, Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Èkó. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń kọ sábẹ́ rẹ̀: “Ṣé ó ti tó hú?” Ọmọ á wo fọ́tò, á rí i pé ewé ti gbẹ, á sì dáhùn pé, “Ó ti gbó, ẹ wá lébìrà.” Nígbà tó jẹ́ pé ọmọ náà ló wà ní yunifásítì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń borí ọ̀rọ̀ ẹni tó wà nínú oko.

Èrò tiwa ni pé ìdáhùn yẹn kò tọ́, kódà lọ́jọ́ tó bá ṣe kòńgẹ́. Ewé tó ń kú lè sọ ọjọ́ ìkórè àlùbọ́sà fún wa. Ó lè sọ ti aáyù náà. Ṣùgbọ́n ní ti ẹ̀pà, ohun mìíràn ni ewé máa ń sọ, ẹni tí kò bá sì mọ ìyàtọ̀ yìí lè mú kí ìyá rẹ̀ hú oko tí kò tíì gbó, tàbí kó mú kó fi èyí tó ti gbó sílẹ̀ títí yóò fi hù sábẹ́ ilẹ̀. Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ ṣàlàyé, ká tó sọ irú fọ́tò tó yẹ kí ẹ máa béèrè fún.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àlùbọ́sà, nítorí ibẹ̀ ni èrò pé ewé ló ń sọ ọjọ́ ìkórè ti fìdí múlẹ̀ jù. Bí ẹ bá gé àlùbọ́sà sí méjì, ẹ ó rí i pé ó ní ìpele lórí ìpele. Ìdí ewé ni àwọn ìpele yẹn. Ewé tí ẹ rí lókè àti ìpele tí ẹ ń gé sínú ọbẹ̀, ohun kan náà ni wọ́n, ọ̀kan wà lókè, èkejì wú sísàlẹ̀. Nígbà tí àlùbọ́sà bá gbó, kì í yọ ewé tuntun láàárín mọ́. Ọrùn rẹ̀ á ṣófo, á rọ̀, kò ní lè gbé ewé dúró mọ́, ewé á sì ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbẹ̀ Sókótó àti Kébbì tó ń kó àlùbọ́sà wá fún wa fi máa ń wo ìṣubú ewé. Bí ewé bí ìdajì sí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún oko bá ti dùbúlẹ̀, wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ sí í wà á. Fọ́tò tí wọ́n bá yà dáadáa lè fi èyí hàn.

Bákan náà ni aáyù rí, ṣùgbọ́n ó ní tirẹ̀. Ewé aáyù kọ̀ọ̀kan ló ń di awọ kan tó bo aáyù mọ́ra nísàlẹ̀. Bí ewé ìsàlẹ̀ bá gbẹ, awọ kan ti gbẹ nìyẹn. Nítorí náà, bí ìdá kan nínú mẹ́ta tàbí ìdajì ewé bá ti gbẹ láti ìsàlẹ̀ wá, tí àwọn tòkè sì ṣì tutù, àsìkò ti tó. Bí a bá dúró títí gbogbo rẹ̀ fi gbẹ, awọ á jẹrà nínú ilẹ̀, aáyù á sì fọ́n ká. Bí ẹ bá ka ewé gbígbẹ lórí fọ́tò aáyù, awọ tó ti gbẹ gan-an lẹ ń kà.

Kódà lára àlùbọ́sà, ọrùn ló yẹ kí a wò kì í ṣe àwọ̀ ewé. Kòkòrò tín-ín-tín tó ń fa omi ara ewé, àti àrùn tó ń mú ojú ewé ní àmì elésè àlùkò, lè pa ewé nígbà tí ọrùn ṣì le, tó ṣì dúró ṣánṣán. Oko irú bẹ́ẹ̀ ń ṣàìsàn ni, kò tíì gbó. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí pé bí irú àṣìṣe yìí bá lè ṣẹlẹ̀ lára àlùbọ́sà tí ewé rẹ̀ àti ohun tí à ń jẹ jẹ́ ọ̀kan náà, ẹ wo bí yóò ti pọ̀ tó lára ẹ̀pà.

Ẹ̀pà kò ṣe bíi tàwọn wọ̀nyẹn rárá. Òdòdó ẹ̀pà máa ń yọ lókè ilẹ̀, nǹkan bí ọjọ́ 25 sí 35 lẹ́yìn tí a bá gbìn ín. Bí òdòdó bá ti rọ, ohun tín-ín-rín kan bí abẹ́rẹ́ á yọ ní ìdí rẹ̀, á dorí kọ ilẹ̀, á gún un wọlé, orí rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wú sábẹ́ ilẹ̀. Ibi tó wú yẹn ló ń di ẹ̀pà. Ẹ jẹ́ ká pe ohun tín-ín-rín náà ní okùn ẹ̀pà, nítorí iṣẹ́ tí ìwọ́ ń ṣe fún ọmọ inú oyún ló ń ṣe. Oúnjẹ tí ewé sè nínú oòrùn, okùn yìí ló ń gbà lọ sọ́dọ̀ ọmọ nínú ilẹ̀.

Ohun tó tún yẹ ká mọ̀ ni pé òdòdó ẹ̀pà kì í yọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ó máa ń yọ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Nítorí náà, lórí ìdí ẹ̀pà kan ṣoṣo, ẹ ó rí èyí tó ti gbó, èyí tó ń gbó lọ́wọ́, àti èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wú. Kò sí ọjọ́ kan tí gbogbo wọn á gbó pọ̀. Ọjọ́ ìkórè ni ọjọ́ tí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti gbó, tí àwọn tó kọ́kọ́ gbó kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ sí í já sínú ilẹ̀. Ewé kan náà ló ń bọ́ gbogbo wọn. Báwo ni ewé yẹn ṣe fẹ́ sọ fún wa pé mélòó ló ti gbó?

Òótọ́ ni pé bí ẹ̀pà bá ń dàgbà, ewé ìsàlẹ̀ máa ń pọ́n, á sì máa rẹ̀. Ibi tí àwọn èèyàn ti mú èrò náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n nílẹ̀ tiwa níbí, tí òjò ti ń rọ̀ dáadáa, ohun mìíràn ló sábà máa ń pa ewé ẹ̀pà ṣáájú ọjọ́ ogbó rẹ̀. Àrùn àmì-ewé ni. Irú méjì ló wà. Èyí tó ń tètè dé máa ń ṣe àmì ràkọ̀ràkọ̀ aláwọ̀ ilẹ̀ lójú ewé, tí òrùka yẹ́lò sábà máa ń yí ká. Èyí tó ń pẹ́ dé máa ń dúdú ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí ẹ bá sì yí ewé padà, ẹ ó rí i pé àmì náà dúdú, ó sì rí háráhárá lábẹ́ ewé. Nígbà tí àmì bá ti pọ̀ lára ewé, ewé á pọ́n, á sì já. Níbi tí wọn kò bá ti fún oògùn sí i, àrùn yìí lè jẹ ìdajì èrè oko tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nínú fọ́tò tí wọ́n yà láti ẹ̀bá ọ̀nà, oko tí àrùn yìí bá jà kò yàtọ̀ sí oko tó gbó. Àwọ̀ ilẹ̀ kan náà ni, pọ́npọ́n kan náà ni, igi ẹ̀pà tó hàn síta kan náà ni. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilẹ̀ yàtọ̀. Nínú oko tó gbó, àwọn ọmọ ti jẹun yó. Nínú oko tó ń ṣàìsàn, ẹni tó ń se oúnjẹ ló kú nígbà tí àwọn ọmọ ṣì ń jẹun lọ́wọ́.

Àrùn mìíràn tún wà tó yẹ kí a dárúkọ, nítorí pé ó ti dá ìjì sílẹ̀ ní Nàìjíríà rí. Rósẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pè é. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á, àwọn kòkòrò kéékèèké tó máa ń ṣùjọ sórí ọ̀mùnú ewé ló sì ń gbé e kiri. Ní 1975, àrùn yìí jà ní Àríwá Nàìjíríà, ó sì ba ẹ̀pà jẹ́ lórí ilẹ̀ tó tó nǹkan bí 700,000 hẹ́kítà. Ewé á pọ́n yòò, ìdí ẹ̀pà á ràn, á sì kúnjọ sójú kan. Èyí tí àrùn náà bá kọlù láti kékeré lè máà ní ọmọ kankan nísàlẹ̀. Bí ẹnì kan bá ya fọ́tò irú oko bẹ́ẹ̀ láti òkèèrè, tó sì ń wá ewé pípọ́n nìkan, ó lè rò pé ìkórè ti dé.

Apá kejì ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn èèyàn kì í sábà rò. Ewé lè tutù yọ̀yọ̀ nígbà tí ẹ̀pà ti gbó. Irúgbìn tuntun tí àwọn onímọ̀ Ilé Ìwádìí Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ní Sámárù, Sáríà, mú jáde kò gba rósẹ́ẹ̀tì láyè bíi ti àtijọ́, àwọn kan nínú wọn sì máa ń tètè gbó. Sámnọ́tì 24, tí wọ́n mú jáde ní 2011, máa ń gbó láàárín ọjọ́ 80 sí 90. Ẹni tó bá gbìn ín, tí àrùn àmì-ewé kò sì jà dáadáa lóko rẹ̀, lè bá ewé tútù lórí ẹ̀pà tó ti gbó. Bó bá ń dúró de ewé kó tó kú, á dúró kọjá ọjọ́. Ẹ̀pà tó ń tètè gbó, tó ń dúró ṣánṣán, kì í sùn nínú ilẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ sí i lẹ́yìn tó gbó, á hù. Okùn tirẹ̀ náà á gbó, á já, ẹ̀pà á sì ṣẹ́kù sínú ilẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fa ìdí rẹ̀ tu.

Àṣìṣe méjèèjì ló ní ohun tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àgbẹ̀. Ẹ̀pà tí a hú láìgbó kún fún omi. Ó lè wú dáadáa lójú lọ́jọ́ tí a hú u, ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti pa á, ọmọ inú rẹ̀ á hunjọ, á fúyẹ́, òróró inú rẹ̀ kò ní pọ̀. Ẹni tó ń ra ẹ̀pà ní kóńgò máa ń bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ kó tó dá owó, ọmọ híhunjọ ló sì máa ń fi jẹ́ kí owó wálẹ̀. Èyí tó pẹ́ jù nínú ilẹ̀ ní tirẹ̀ máa ń sán, kòkòrò á wọ ibẹ̀, èébu á tẹ̀lé e. Èébu yìí kì í ṣe ohun ṣeréṣeré. Irú kan nínú rẹ̀ ló ń mú májèlé áfílátọ́síìnì wá. Ní 1960, ó lé ní 100,000 tòlótòló tó kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn tí wọ́n jẹ oúnjẹ tí wọ́n fi ẹ̀pà tó ní májèlé yìí ṣe. Ibẹ̀ ni ayé ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ ọ́n.

A mọ̀ pé ẹnì kan á sọ pé, “Ṣé kì í ṣe ewé ni àwọn bàbá wa ń wò?” Wọ́n ń wo ewé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ronú lórí ohun tí àgbẹ̀ tó mọṣẹ́ máa ń ṣe lẹ́yìn tó bá wo ewé. Á bẹ̀rẹ̀, á fa ìdí kan tu, á gbọn iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ dànù, á pa ọ̀kan nínú rẹ̀, á wo inú èèpo, á sì ju ọmọ rẹ̀ sẹ́nu. Ewé ló pè é wá síbẹ̀, ẹ̀pà fúnra rẹ̀ ló dá a lóhùn. Fóònù ti gbé apá àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ yìí rìn jìnnà, ó sì ti gbàgbé apá kejì sílé. Ohun tí a ní lòdì sí kò ju ìyẹn lọ.

Inú èèpo yẹn gan-an ni ìdáhùn wà. Bí ẹ bá pa ẹ̀pà tí kò tíì gbó, inú èèpo rẹ̀ funfun, ó rọ̀ bíi tìmùtìmù, ọmọ rẹ̀ sì funfun tàbí kó pọ́n díẹ̀, awọ rẹ̀ ṣì nípọn, ó sì kún fún omi. Bí ó bá ti ń gbó, inú èèpo á máa gbẹ, á máa le, àmì aláwọ̀ ilẹ̀ tàbí dúdú á sì yọ lára rẹ̀. Ọmọ inú rẹ̀ á kún èèpo, awọ rẹ̀ á fẹ́lẹ́ bíi bébà, á sì ní àwọ̀ tó yẹ irú rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ méjì, Williams àti Drexler, gbé ọ̀nà mìíràn jáde ní 1981. Wọ́n ń ha awọ òde èèpo ẹ̀pà kí àwọ̀ abẹ́ rẹ̀ lè hàn, wọ́n sì ń to ẹ̀pà ní ẹsẹẹsẹ láti orí funfun, yẹ́lò, ọsàn, àwọ̀ ilẹ̀, títí dé dúdú. Tiwa tí à ń pa èèpo rọrùn jù, kò gba irinṣẹ́ kankan, ohun kan náà ló sì ń sọ.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ gbìn sílẹ̀ síbi tí kò ní sọnù. Bó bá jẹ́ irú tó ń tètè gbó, ẹ bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò ní ọjọ́ 80. Bó bá jẹ́ irú tó ń gba ọjọ́ 110 sí 120, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọjọ́ 95, àfi bí ewé bá tètè ń kú, nígbà náà kí ẹ bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ rin oko láti igun kan dé igun kejì, kí ẹ mú ìdí márùn-ún níbi márùn-ún, kí ẹ má mú èyí tó wà létí oko. Ẹ fi ọkọ́ wa ìdí náà, ẹ má kàn fà á, nítorí ẹ fẹ́ mọ èyí tó ti já sínú ilẹ̀. Ẹ já gbogbo ẹ̀pà tó ti wú tó bó ṣe yẹ, kí ẹ fi àwọn tín-ín-tìn-ìn-tín sílẹ̀. Ẹ pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ to wọ́n sórí àtẹ, èyí tí inú èèpo rẹ̀ ti dúdú lọ́tọ̀, èyí tó funfun lọ́tọ̀. Bí mẹ́ta nínú mẹ́rin bá ti dúdú, ẹ hú oko. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ padà wá lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún sí méje.

Ẹ jẹ́ ká fi oko méjì ṣe àpẹẹrẹ, kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa. Ká ní ìyá kan ní Ìlá gbin ẹ̀pà sí ọ̀nà Òkè-Ìlá ní ọjọ́ 10 oṣù kẹrin. Apá kan jẹ́ irú tó ń pẹ́ gbó, tó máa ń gba ọjọ́ 110 sí 120. Apá kejì jẹ́ Sámnọ́tì 24. Ní ọjọ́ 5 oṣù keje, ó ya fọ́tò méjèèjì ránṣẹ́. Ọjọ́ 86 nìyẹn lẹ́yìn tó gbìn wọ́n. Nínú fọ́tò àkọ́kọ́, ìdajì ewé ti já, ìyókù ti pọ́n. Nínú èkejì, ewé tutù minimini. Ọmọ tó bá fi ewé dájọ́ á sọ pé kí wọ́n hú ti àkọ́kọ́, kí wọ́n fi èkejì sílẹ̀.

Ìyá náà wa ìdí márùn-ún nínú apá àkọ́kọ́, ó rí ẹ̀pà 80. Èyí tí inú èèpo rẹ̀ ti dúdú jẹ́ 32, ìyẹn 40 nínú 100. Mẹ́ta péré ló ti já sínú ilẹ̀. Nígbà tó yí ewé padà, ó rí àmì dúdú lábẹ́ rẹ̀. Àrùn àmì-ewé ló ń pa á, kò tíì gbó. Nínú apá kejì, ìdí márùn-ún fún un ní ẹ̀pà 75, 58 nínú wọn sì ti dúdú nínú èèpo, ìyẹn nǹkan bí 77 nínú 100. Oko tí ewé rẹ̀ tutù yìí ni kí wọ́n hú ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Ìdájọ́ fọ́tò ti dorí kodò.

Àmọ́ oko àkọ́kọ́ kò tíì parí, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti le jù. Ìyá náà padà síbẹ̀ ní ọjọ́ 12 oṣù keje, ìyẹn ọjọ́ 93. Ewé mẹ́ta nínú mẹ́rin ti já. Nínú ẹ̀pà 84 tó rí, 50 ti dúdú nínú èèpo, ìyẹn bí 60 nínú 100. Ṣùgbọ́n mẹ́sàn-án ti já sínú ilẹ̀ báyìí. Kí ló yẹ kó ṣe? Òfin mẹ́ta nínú mẹ́rin sọ pé kó dúró. Síbẹ̀, bí ewé bá ti lọ tán, kò sí ẹni tó ń se oúnjẹ fún àwọn tó kù, okùn ẹ̀pà pàápàá sì ti ń rọ nítorí àrùn. Bó bá dúró ọ̀sẹ̀ kan sí i, díẹ̀ ló máa gbó, púpọ̀ ló máa já. Ìmọ̀ràn tiwa ni pé kó hú u ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí òjò bá dáwọ́ dúró. Ewé ló jẹ́ kó tètè hú u, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí pé ewé sọ pé ẹ̀pà ti gbó. Ewé ń sọ pé oúnjẹ ti tán. Iye tó já sínú ilẹ̀ ló jẹ́rìí sí i. Bó bá sì ti hú u ní ọjọ́ 86 bí fọ́tò ti wí, 40 péré nínú 100 ni ìbá kó wálé ní gbígbó.

Nítorí náà, a kò sọ pé kí ẹ sọ fóònù nù. Ohun tí à ń sọ ni pé kí ẹ béèrè fún fọ́tò tó wúlò. Àkọ́kọ́ ni fọ́tò àtẹ tí wọ́n to èèpo pípa sí, dúdú lápá kan, funfun lápá kan, kí inú èèpo kọjú sókè. Kí wọ́n yà á lábẹ́ ibòji lọ́sàn-án, nítorí oòrùn ìrọ̀lẹ́ máa ń pa gbogbo nǹkan láró yẹ́lò, funfun á sì dà bí èyí tó ti ń dúdú. Bí wọ́n bá fi bébà funfun kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ, ẹ ó mọ̀ bóyá kámẹ́rà ń parọ́ àwọ̀. Èkejì ni fọ́tò abẹ́ ewé láti itòsí, kí ẹ lè rí bóyá àmì dúdú wà níbẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ti ihò tí wọ́n ti wa ìdí ẹ̀pà, kí ẹ lè ka èyí tó já sílẹ̀.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ fọ́tò oko, ẹ ní kí wọ́n máa yà á lójú kan náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n dúró sórí ebè, kí wọ́n sì dojú kámẹ́rà kọ ilẹ̀. Fọ́tò tí a yà láti ẹ̀gbẹ́ máa ń fi ewé iwájú bo ilẹ̀ òfìfo tó wà lẹ́yìn. Kí wọ́n má yà á ní ìrọ̀lẹ́ o. Ewé ẹ̀pà máa ń pa ara dé lálẹ́, bíi patanmọ́, oko tó dáa á sì dà bí èyí tí ewé rẹ̀ ti já. Irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ kò lè sọ ọjọ́ tí ẹ ó hú, ṣùgbọ́n ó lè sọ bí ewé ṣe ń yára kú tó, ìyẹn sì lè sọ fún yín ìgbà tó yẹ kí ẹnì kan gbé ọkọ́ lọ wa ìdí márùn-ún.

Ohun kan ṣì wà tí àtẹ èèpo kò lè sọ. Kò lè sọ bí ojú ọ̀run ṣe máa rí. Ẹ̀pà tí a hú ní oṣù keje nílẹ̀ Ìgbómìnà lè bá òjò pàdé lórí ibi tí a sá a sí, bí kò bá sì gbẹ kíákíá, èébu tí à ń sá fún lóko á bá a nílé. Bí mẹ́ta nínú mẹ́rin bá ti gbó lónìí, tí òjò sì ń ṣú, tí kò sí ibi tí wọ́n lè sá a sí lábẹ́ òrùlé, ẹni tó wà nílé ló lè pinnu bóyá ọjọ́ méjì sí i sàn jù. Ẹni tó wà ní Ifẹ̀ kò lè mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, nígbà mìíràn tí fọ́tò ewé pípọ́n bá wọlé sórí fóònù yín, tí wọ́n béèrè pé ṣé ó ti tó, ẹ má sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má sì sọ pé rárá. Ẹ kí wọn dáadáa, kí ẹ sì kọ ọ́ pé: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ wa ìdí márùn-ún, ẹ pa á, ẹ kà á, kí ẹ sì ya inú èèpo rẹ̀ fún mi.” Bí iye tó dúdú bá dé, ẹ jọ ṣírò rẹ̀ pọ̀, kí ẹ wá fi ìpinnu sọ́wọ́ ẹni tó mú ọkọ́ dání.